Ojú Àpatì: Awò àti Pílásítà fún Ọmọ Tí Kò Tíì Pé Ọdún Mẹ́ta

Ojú àpatì ni ojú tí kò pọ́n, tí kò ṣepin, tí kò sí egbò tàbí àrùn lára rẹ̀, síbẹ̀ tí kò ríran bí èkejì rẹ̀, nítorí pé ọpọlọ ti pa á tì láti kékeré. Òyìnbó ń pè é ní ojú ọ̀lẹ. Orúkọ náà kò bá a mu, torí ojú náà kò ya ọ̀lẹ. Iṣẹ́ ni kò rí gbà. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, bíi méjì sí mẹ́rin ló máa ń ní in, òun ló sì wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń mú kí ojú kan ṣoṣo máa ṣe bàìbàì lára ọmọdé.

Ẹyinjú nìkan kọ́ ló ń ríran. Ohun tí ẹyinjú ń ṣe ni pé ó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó ń kó o jọ sórí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sì ń fi í ránṣẹ́ gba inú iṣan lọ sí apá ìpàkọ́, níbi tí ọpọlọ ti ń sọ ọ́ di àwòrán. Kíkọ́ ni ọpọlọ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, bí ọmọ ṣe ń kọ́ èdè nípa gbígbọ́. Bí ojú méjèèjì bá ń fi àwòrán tó mọ́ ránṣẹ́, ọpọlọ á kọ́ bí a ṣe ń lo méjèèjì pọ̀. Bí ti ọ̀kan bá mọ́, tí ti èkejì sì ń ṣe bàìbàì lójoojúmọ́, ọpọlọ á di èyí tó mọ́ mú, á máa da ti èkejì nù, títí ààyè tó yẹ kí ojú náà ní nínú ọpọlọ yóò fi bọ́ sọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1960, David Hubel àti Torsten Wiesel ṣe ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó fi èyí hàn gbangba. Wọ́n rán ìpéǹpéjú kan pa lára ọmọ ológbò, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, kò sí ohun tó ṣe ẹyinjú náà, ṣùgbọ́n nínú apá ọpọlọ tó ń bójú tó ìríran, díẹ̀ kínún ló tún ń dá a lóhùn. Wọ́n ṣe bákan náà fún àgbà ológbò, ọpọlọ tirẹ̀ kò yí padà. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó mú kí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981. Ohun tó kọ́ àwọn dókítà ojú ni pé ìgbà kan wà nígbà èwe tí ọpọlọ ń kọ́ ìríran, pé ìgbà náà ni ìríran rọrùn láti bàjẹ́, ìgbà náà kan náà ló sì rọrùn jù láti tún un ṣe. Lára ọmọ ènìyàn, ó ń lọ títí di nǹkan bí ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Àwọn ọmọ tó ti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì lè jèrè díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń le sí i ni.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ojú fi ń di àpatì. Ojú kan lè yà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kí ó máa wo imú nígbà tí èkejì ń wo iwájú. Kí nǹkan kan má bàa di méjì lójú ọmọ, ọpọlọ á pa àwòrán ojú tó yà tì. Nǹkan sì lè dí ojú, bíi kí lẹ́ńsì inú ẹyinjú funfun láti ìbí, tàbí kí ìpéǹpéjú wó bo ọmọlójú. Èyí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló le jù, iṣẹ́ abẹ ló sì sábà máa ń ṣáájú níbẹ̀. Ọ̀nà kẹta ni kí agbára ojú méjèèjì má dọ́gba. Èyí ló ń fara pamọ́ jù, torí ojú ọmọ náà gún régé, kò sí àbùkù tí ẹni tó ń wò ó lè tọ́ka sí. Orí ọ̀nà kẹta yìí ni àlàyé tó kù dá lé.

Ojú ọmọdé púpọ̀ kúrú díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwòrán kì í bọ́ sójú rẹ̀ lórí awọ ẹ̀yìn àfi bí lẹ́ńsì inú ẹyinjú bá sún ara rẹ̀ ki. Ọmọdé ń ṣe èyí láìmọ̀ pé òun ń ṣe é, torí lẹ́ńsì rẹ̀ ṣì rọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ni pé àṣẹ kan náà ni ọpọlọ ń pa fún lẹ́ńsì méjèèjì: ìwọ̀n tí ọ̀tún bá fi ki ni òsì náà yóò fi ki, kò lè jù bẹ́ẹ̀. Bí ojú ọ̀tún bá wá kúrú díẹ̀, tí ti òsì kúrú gan-an, ìwọ̀n tó tó ọ̀tún ni ọpọlọ yóò dúró sí, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti mọ́. Òsì kò ní rí ohunkóhun kedere, ì báà jẹ́ nítòsí, ì báà jẹ́ lókèèrè, láti àárọ̀ di alẹ́. Ojú tó gùn jù sàn ju èyí lọ, torí ó ṣì ń rí ohun tó bá sún mọ́ ọn dáadáa, ó ń rí iṣẹ́ díẹ̀ ṣe lóòjọ́. Ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ díẹ̀ láàárín ojú méjì tó kúrú fi ń sọ ọ̀kan di àpatì kíákíá.

Kí ọmọbìnrin kan tó pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́fà ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń sáré káàkiri àgbàlá, ó ń ṣa ẹyọ ìrẹsì nílẹ̀, ó ń dá bàbá rẹ̀ mọ̀ láti ojú títì. Kò sí ẹni tó máa rò pé nǹkan ń ṣe é lójú, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀tún nìkan ló ń fi ṣe gbogbo rẹ̀. Eré ló tú àṣírí náà. Ẹnì kan nínú ilé fi ọwọ́ bo ojú òsì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó bo ọ̀tún, ọmọ gbá ọwọ́ náà dànù, ó yí orí, ó figbe ta. Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, bákan náà ló rí. Àyẹ̀wò gidi nìyí, dókítà ojú pẹ̀lú kì í fò ó: ọmọ tí kò kọ̀ kí wọ́n bo ojú kan, ṣùgbọ́n tó ń jà bí wọ́n bá bo èkejì, ti sọ ojú tó ń fi ríran.

Ní ilé ìwòsàn, kò sí ẹni tó máa ní kí ọmọ ọdún méjì ka lẹ́tà. Káàdì aláwọ̀ eérú ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ẹja, ilé tàbí ọkọ̀ ní òkè tàbí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ìlà tí wọ́n fi yà á ń tín-ín-rín sí i láti káàdì dé káàdì. Bí ọmọ bá rí àwòrán náà, ojú rẹ̀ á lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá rí i mọ́, ojú rẹ̀ á kàn máa rìn gbéregbère. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kán oògùn sí ojú méjèèjì, wọ́n á sì dúró fún nǹkan bí ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú. Oògùn náà máa ń ta lójú, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ni ọmọ lára títí ilẹ̀ fi ṣú tàbí jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe kò ní àfirọ́pò: kò ní jẹ́ kí lẹ́ńsì inú ojú lè ki, ìwọ̀n tòótọ́ ojú kọ̀ọ̀kan á sì hàn. Dókítà á wá fi iná kékeré kan fẹ́ ojú ọmọ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, á máa fi oríṣiríṣi lẹ́ńsì síwájú rẹ̀, títí ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ láti inú ọmọlójú kò fi ní rìn mọ́. Ọmọ kò dáhùn ìbéèrè kankan, síbẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀ ti jáde.

Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn ẹyinjú náà. Ojú tí wọn kò tíì wo inú rẹ̀ kò tíì tó láti pè ní ojú àpatì, torí àìsàn mìíràn lè fara pamọ́ síbẹ̀, ìyẹn kókó búburú inú ojú tó máa ń mú kí ọmọlójú tàn funfun nínú fọ́tò. Ọmọlójú tó bá funfun kò gbọ́dọ̀ dúró de ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Inú ojú ọmọ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ yìí mọ́. Nọ́ńbà ojú ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ +1.50, ti òsì jẹ́ +5.00, òsì sì wà ní ìlà mẹ́fà lẹ́yìn ọ̀tún lórí káàdì. Dókítà lè dín agbára awò náà kù díẹ̀ kí ó lè rọrùn fún un, ṣùgbọ́n iye tó bá yọ lára ọ̀kan ni yóò yọ lára èkejì, torí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ló sọ òsì di àpatì, ìyàtọ̀ náà ni awò sì wá parẹ́.

Àwọn òbí púpọ̀ rò pé awò jẹ́ ohun tí wọ́n ń wọ̀ de pílásítà, pé ìgbà tí pílásítà bá dé ni ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú gan-an ni awò. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006, ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó wà láàárín ọdún mẹ́ta sí méje, tí agbára ojú wọn kò dọ́gba, wọ awò nìkan láìsí pílásítà. Ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn lọ tí ojú àpatì wọn fi ìlà méjì ó kéré tán gòkè, ó sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tí ojú náà bá èkejì dọ́gba pátápátá. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni èyí ń gbà, kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá retí pé ọmọ á ríran dáadáa lọ́jọ́ tí awò bá dé yóò rò pé wọ́n ti gba owó òun lásán.

Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá là lójú ni awò gbọ́dọ̀ wà lójú rẹ̀. Bí awò bá kúrò báyìí, àṣẹ àtijọ́ ti padà: lẹ́ńsì méjèèjì á ki ní ìwọ̀n tó tó ọ̀tún, òsì á tún wọ inú bàìbàì. Ọmọ ọdún méjì ń là lójú fún nǹkan bí wákàtí méjìlá lóòjọ́. Bí ó bá wọ awò fún mẹ́fà, ẹ̀kọ́ kò kàn dúró nínú mẹ́fà tó kù. Ẹ̀kọ́ àtijọ́ ló ń lọ lọ́wọ́, ọpọlọ ń kọ́ bí yóò ṣe da òsì nù. Ohun tí ọ̀sán bá tún ṣe, ìrọ̀lẹ́ ń tú u.

Kì í ṣe gbogbo awò tó wà ní imú ọmọ ló wà lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ férémù tó ń wọ ìlú láti òkè òkun ni wọ́n ṣe fún imú tó ga láàárín ojú méjèèjì. Lójú ọmọ tí imú rẹ̀ tẹ́ níbẹ̀, irú férémù bẹ́ẹ̀ á máa yọ̀ wálẹ̀, ọmọ á sì máa wòran gba òkè rẹ̀. Àwọn ará ilé á búra pé ó ń wọ awò rẹ̀ láti àárọ̀. Bí wọ́n ṣe lè mọ̀ ni kí wọ́n wò ó láti iwájú: ọmọlójú yẹ kí ó wà ní nǹkan bí àárín lẹ́ńsì. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, férémù ike rírọ̀ tó ní okùn tó ń gba ìpàkọ́ ló dára jù, pẹ̀lú lẹ́ńsì ike líle tí kò ní fọ́ sí i lójú bó bá ṣubú. Omi ni kí wọ́n fi ṣan lẹ́ńsì kí wọ́n tó nù ún, torí aṣọ gbígbẹ àti eruku ló ń ha á, lẹ́ńsì tó bá sì ti ha tán ti di bàìbàì mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ á máa ja awò náà bọ́ sílẹ̀. Ohun tó ti ran àwọn òbí lọ́wọ́ jù ni kí awò máa tẹ̀ lé bíbọ́jú, kí ohun tí ọmọ fẹ́ràn jù láàárọ̀ sì tẹ̀ lé awò, ì báà ṣe ògì, ì báà ṣe eré. Bó bá bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, láìsí igbe, láìsí ìdùnnú tó pọ̀ jù. Bó bá ń lọ sí bí ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣì ń kọ̀ ọ́ pátápátá, kì í ṣe agídí lásán mọ́. Férémù lè máa dun ẹ̀yìn etí rẹ̀. Lẹ́ńsì inú ojú rẹ̀ lè má tíì jáwọ́ nínú kíki, dókítà sì lè fún un ní oògùn ìkánsójú fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó lè rọ̀. Wọ́n sì lè ti gbé lẹ́ńsì sí òdìkejì níbi tí wọ́n ti ṣe awò. Èyí rọrùn láti mọ̀: lẹ́ńsì òsì ọmọ yìí ló yẹ kí ó nípọn jù, òun náà ló sì yẹ kí ó mú kí ojú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dà bíi pé ó tóbi. Bó bá jẹ́ ọ̀tún ló tóbi, kí wọ́n dá awò náà padà lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, ọ̀rọ̀ mìíràn máa ń dìde. Ọmọ tó ń bọ́ awò jù sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè rẹ̀ bó bá jí, á máa dijú díẹ̀ bí kò bá sí lójú rẹ̀. Ìyá àgbà á ní, "Ẹ rí i bí? Awò ti ba ojú ọmọ yìí jẹ́." Àṣìṣe ńlá ni, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ilé bọ́ awò ọmọ ní àkókò tó ń ṣiṣẹ́ jù. Nọ́ńbà ojú ọmọ kò yí padà. Ó kàn ti mọ bí nǹkan tó mọ́ ṣe ń rí ni, kò fẹ́ padà sí bàìbàì mọ́.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà wọ awò fún oṣù mẹ́rin, ojú òsì rẹ̀ gòkè ní ìlà mẹ́ta. Ó ku mẹ́ta. Nígbà àyẹ̀wò méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, kò tún sún mọ́, ìgbà yẹn ni pílásítà kàn. Àwọn dókítà mìíràn kì í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, torí ìwádìí kan láti ilẹ̀ Yúróòpù tó jáde ní 2024 fi hàn pé àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́jọ tó bẹ̀rẹ̀ pílásítà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré tí wọ́n gba awò ṣe dáadáa ju àwọn tó dúró fún oṣù mẹ́rin. Èyí tó wù kí dókítà yàn, awò kò kúrò lójú.

Ojú ọ̀tún, ojú tó ń ríran, ni wọ́n ń lẹ pílásítà mọ́. Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù nínú ilé. Ìyá ti gbọ́ ọ dáadáa lẹ́nu dókítà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá a tọ́jú ọmọ kò gbọ́, ó sì rò pé ojú tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ń dì, bí wọ́n ṣe ń di egbò. Bó bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ òsì, ó ti gba ìwọ̀nba iṣẹ́ tí òsì ní lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí bíbo ọ̀tún wà fún ni pé kí ọpọlọ má rí ibòmíràn gba àwòrán fún wákàtí mélòó kan, kí ó di dandan fún un láti gbọ́ ti òsì. Nítorí náà, orí ara ni pílásítà ń wà, lábẹ́ awò, awò á sì wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá bo ọ̀tún láì wọ awò, inú bàìbàì ni wọ́n rán òsì lọ ṣiṣẹ́. Aṣọ tí wọ́n ń fi bo lẹ́ńsì awò rọrùn lára, ó sì lè tó fún ọmọ tó ti gbọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méjì á fi ojú gba ẹ̀bá imú yọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Wákàtí mélòó ló tó? Ní 2003, ìwádìí méjì jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje. Fún ojú tí ìṣòro rẹ̀ mọ níwọ̀n, ẹni tí wọ́n ní kí ó lo wákàtí méjì lóòjọ́ gòkè bí ẹni tí wọ́n ní kí ó lo mẹ́fà. Fún èyí tó le gan-an, mẹ́fà ṣe bí odindi ọjọ́. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé iye wákàtí kò já mọ́ nǹkan kan. Àwọn olùwádìí kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló la ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n so ẹ̀rọ tín-ín-rín mọ́ pílásítà, tó ń kọ ìṣẹ́jú tó fi wà lára ọmọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n lo wákàtí mẹ́fà kò lo mẹ́ta lóòjọ́ bí wọ́n bá pín in dọ́gba. Wákàtí tí dókítà kọ sínú ìwé kọ́ ni ojú ń tẹ̀ lé, bí kò ṣe èyí tí pílásítà lò lójú ní tòótọ́. Nígbà tí wọ́n fi wákàtí tòótọ́ ṣe ìṣirò, ó hàn pé nǹkan bí ọgọ́fà wákàtí ló ń gbé ojú gòkè ní ìlà kan.

Ìlà mẹ́ta ló kù fún ọmọ àpẹẹrẹ yìí, ìyẹn ọgọ́ta lé lọ́ọ̀ọ́dúnrún wákàtí, 360. Dókítà ní kí wọ́n lo wákàtí méjì lójúmọ́. Bí méjèèjì bá pé lójoojúmọ́, oṣù mẹ́fà ni. Bó bá jẹ́ wákàtí kan ló ń lò ní tòótọ́, ọdún kan gbáko ni, ọdún kan nínú ìwọ̀nba ọdún tí ọpọlọ rẹ̀ fi ṣì rọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin sábà máa ń yára ju ìṣirò yìí lọ, nítorí náà ìtọ́nisọ́nà ni, kì í ṣe ìlérí.

Nítorí èyí, ohun tó wúlò jù lẹ́yìn pílásítà fúnra rẹ̀ ni kálẹ́ńdà ara ògiri. Kí wọ́n kọ aago tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ àti aago tó kúrò, títí kan ọjọ́ tó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú péré, láìfi ìtìjú pa á mọ́. Bí ojú kò bá gòkè, nǹkan méjì ló lè fà á, wọn kò sì jọra. Bí wákàtí bá pé tí ojú sì dúró sójú kan, dókítà á tún nọ́ńbà awò yẹ̀ wò, á tún wo ẹ̀yìn ẹyinjú, tàbí kí ó fi wákàtí kún un. Bí wákàtí kò bá pé, fífi wákàtí kún un lórí ìwé kò ṣe nǹkan kan. Bí méjì ṣe máa pé ni kí wọ́n wá. Wákàtí méjì náà ṣeé pín sí kan láàárọ̀ àti kan nírọ̀lẹ́. Oorun kò sí nínú rẹ̀, torí ojú tó dì kò kọ́ nǹkan kan.

Ọmọ ọdún méjì á ya pílásítà náà. Àwọn kan máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, títí ara rẹ̀ á fi mọ́ ọn. Òógùn a máa tú lẹ́ẹ̀mọ́ rẹ̀, nítorí náà òwúrọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, dára ju ọ̀sán lọ, ẹ̀yìn ìyá tí òógùn ti ń ṣàn kò sì dára fún un. Ohun tí ọwọ́ ọmọ bá ń ṣe ló ń mú kí ó gbàgbé ojú rẹ̀: yíya nǹkan sí ìwé, títo ìdérí ìgò, wíwo àwòrán inú ìwé pẹ̀lú ẹnì kan. Ìwádìí kan ní 2008 fi iṣẹ́ ìtòsí wé iṣẹ́ òkèèrè fún àwọn tó wọ pílásítà, kò sì rí ìyàtọ̀ nínú bí ojú ṣe gòkè, nítorí náà tẹlifíṣọ̀n tàbí bọ́ọ̀lù nínú yàrá kò burú. Ṣùgbọ́n ojú tí kò ríran dáadáa nìkan ló kù fún ọmọ ní wákàtí yẹn. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀ nítòsí ààrò, àtẹ̀gùn, kànga tàbí títì.

Awọ ara lè pọ́n níbi tí lẹ́ẹ̀mọ́ ti kàn án. Kí wọ́n fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tàbí òróró ọmọ rẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó ṣí i, kí wọ́n sì máa yí ibi tí etí rẹ̀ ń gbé padà. Bí awọ bá bó, kí wọ́n sinmi fún ọjọ́ kan sí méjì, kí awò má sì kúrò lójú nígbà ìsinmi náà.

Ewu tó tóbi ju ti awọ lọ wà, òun náà sì ni kò jẹ́ kí fífi wákàtí ṣeré dára. Ọ̀tún tí wọ́n ń bò pẹ̀lú ṣì ń kọ́ ìríran. Bí wọ́n bá bò ó fún odindi ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìṣe àyẹ̀wò, òun náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í di àpatì, bí ọmọ bá sì ṣe kéré tó ni èyí ṣe ń yá tó. Ìdí nìyí tí òbí kò fi gbọ́dọ̀ fi wákàtí kún ti dókítà nítorí pé ó ń kánjú, tí àyẹ̀wò kò sì gbọ́dọ̀ fò. Àmì kan tí wọ́n lè rí nílé ni pé ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú bí wọ́n bá fi ọwọ́ bo òsì, tí kò sì bìkítà mọ́ bí wọ́n bá bo ọ̀tún. Kí pílásítà dúró, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá. Bí wọ́n bá tètè rí i, ojú náà sábà máa ń padà bọ̀ sípò.

Fún ilé tí pílásítà ti dogun, oògùn àtírópíìnì wà. Dókítà lè ní kí wọ́n máa kán an sí ojú tó dára, kò sì ní jẹ́ kí ojú náà rí ohun ìtòsí kedere, nítorí náà òsì á gba iṣẹ́ ìtòsí. Ìwádìí fi í wé pílásítà ní 2002, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Kíkán an ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan tó fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Májèlé ni bí ọmọ bá gbé e mu, nítorí náà ibi gíga tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ibùgbé rẹ̀, kí wọ́n sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn kíkán an. Bí ojú ọmọ bá pọ́n kuku, tí ibà mú un, tí ara rẹ̀ kò sì balẹ̀, kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n sì pe dókítà.

Bí ojú méjèèjì bá ti dọ́gba, tàbí tí òsì kò gòkè mọ́ láìka wákàtí tó pé sí, pílásítà kì í parí lọ́jọ́ kan. Láàárín ọdún kan tí ìtọ́jú bá dúró, ojú bí ọ̀kan nínú mẹ́rin máa ń padà sẹ́yìn. Lára àwọn tó ń lo wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀, àwọn tó dáwọ́ dúró lójijì ló padà sẹ́yìn jù, nígbà tí àwọn tó kọ́kọ́ dín in kù sí méjì kí wọ́n tó dáwọ́ dúró dúró dáadáa. Àyẹ̀wò á ṣì máa lọ lẹ́yìn náà títí ọmọ yóò fi wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí ojú àpatì wọn kò ní bá èkejì dọ́gba tán, tàbí tí ojú méjèèjì kò ní mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí ara wọn dáadáa. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, awò oní-lẹ́ńsì líle gbọ́dọ̀ máa wà lójú láti dáàbò bo ojú tó dára, bí eré tàbí igi tilẹ̀ fẹ́ gún un.

Ọmọbìnrin tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lo oṣù méje. Ojú òsì rẹ̀ wà ní ìlà kan péré lẹ́yìn ọ̀tún nígbà tó pé ọdún mẹ́ta àti oṣù márùn-ún, pílásítà rẹ̀ sì dín kù sí wákàtí kan lójúmọ́ kí ó tó kúrò pátápátá. Awò rẹ̀ kò kúrò. Nọ́ńbà òsì rẹ̀ ṣì jẹ́ +5.00, ti ọ̀tún +1.50, torí pílásítà kì í mú ẹyinjú gùn, ọpọlọ ló ń kọ́. Bí wọ́n bá bọ́ awò náà, òsì á padà sínú bàìbàì lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti pààrọ̀ férémù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí pé orí rẹ̀ ti dàgbà, wọ́n á sì tún kán oògùn ìkánsójú sí i lọ́dún tó ń bọ̀ láti mọ̀ bóyá nọ́ńbà náà ti yí padà.